Kí ni ká kọ sínú lẹ́tà tí a fi ń dá ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ayálégbé kan ní Dùgbẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Ọdún mẹ́ta ni mo gba ṣọ́ọ̀bù fún láti oṣù Kìíní 2024, ní 600,000 náírà lọ́dún, mo sì fi 100,000 sílẹ̀ lọ́dọ̀ onílé. Mo ti san owó di ìparí ọdún 2025, ṣùgbọ́n mo fẹ́ jáde ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Èdè Yorùbá ni bàbá onílé ń kà. Kí ni kí n pe ohun tí mo ń ṣe yìí, kí sì ni orúkọ owó tí mo fẹ́ gbà padà?

Olùkọ́ èdè kan ní Mọ́kọ́lá

Ẹ kọ ọ́ pé ẹ túúbá fún un, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀, a kò ní láti ṣẹ̀dá òmíràn. Ní ti owó, ẹ pè é ní owó àsansílẹ̀, torí pé ẹ ti san án kí ẹ tó wọlé.

Ìyá aláṣọ kan ní Gbági

Ẹ má jẹ́ kí n pẹ́ lórí èyí. Èmi kò tilẹ̀ kọ lẹ́tà kankan. Mo kó ẹrù mi, mo fún ajẹ́ńtì ní kọ́kọ́rọ́, ó ní òun ti gbà á. Nígbà tí ọdún yí, onílé ránṣẹ́ pé kí n wá san owó ọdún tuntun, ó ní òun kò rán ẹnikẹ́ni gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣáà máa fún onílé fúnra rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Lọ́yà kan ní Bódìjà

Ìyá wa, ẹ̀kọ́ ńlá ni ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Onílé lè gba kọ́kọ́rọ́ láti fi han àwọn tí ń wá ṣọ́ọ̀bù, tàbí kí olè má baà jà á, kí ó sì ní òun kò gbà pé àdéhùn ti tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ẹlòmíràn sínú ṣọ́ọ̀bù náà gẹ́gẹ́ bí ayálégbé tirẹ̀, òfin lè kà á sí pé ó ti gbà á padà, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣe iyèméjì sí ìtúúbá. Ẹni tó túúbá kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn mọ́. Ayálégbé tí ọdún kẹta rẹ̀ ṣì wà níwájú kò lè dá a fòpin sí i, àfi bí àdéhùn bá ti fún un láyè tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá kọ "mo ti kó jáde", ìròyìn lásán ni ẹ fún un, ó sì lè máa ka 600,000 ti ọdún 2026 sí yín lọ́rùn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Mo fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù padà fún yín ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 2025, kí àdéhùn wa tó pé, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ gbà á, kí ẹ sì tú mi sílẹ̀ kúrò nínú owó ọdún kẹta."

Owó méjì ló wà nílẹ̀, olùkọ́ sì pa wọ́n pọ̀. Àsansílẹ̀ ni 150,000 ti oṣù mẹ́ta tó kù. Onílé kò ní láti dá a padà bí àdéhùn kò bá sọ bẹ́ẹ̀. Ìdógò ni 100,000, tiyín ni, àfi ohun tí ẹ bá bàjẹ́ tàbí tí ẹ jẹ. Bí ẹ bá béèrè fún àsansílẹ̀, owó tí ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni ẹ dárúkọ, ẹ sì gbàgbé èyí tí í ṣe tiyín. Èmi ìbá yọ̀ǹda 150,000 náà fún un nínú lẹ́tà, kí ó lè rí oṣù mẹ́ta fi wá ẹlòmíràn, kí ó sì rọrùn fún un láti gbà. Kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ẹ pè é wá wo ṣọ́ọ̀bù. Bí àtúnkùn ògiri àti àgádágodo bá gba 30,000, kí ó fi rìsíìtì hàn, kí ó san 70,000. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ lẹ́tà kí ó fọwọ́ sí i pé òun gbà, kí ó kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí lọ́yà ṣe ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì yóò fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí.

Olùkọ́ èdè

Mo gba ìdógò. Ṣùgbọ́n "ìdápadà" gbòòrò jù; ẹni tó yá ìwé náà ń dá a padà. Ẹ jẹ́ ká lo ìjọ̀wọ́: ayálégbé jọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù fún onílé.

Lọ́yà

Ó dùn létí, ṣùgbọ́n bàbá onílé lè ka "mo jọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù" kí ó rò pé ẹ̀bẹ̀ ni ẹ ń bẹ̀ ẹ́ kí ó fún yín ní ṣọ́ọ̀bù.

Olùkọ́ èdè

Òótọ́ ni, àmì ohùn kan náà ni méjèèjì ní, ṣùgbọ́n gbólóhùn tó kù nínú lẹ́tà yóò yà á sọ́tọ̀.

Ìyá aláṣọ

Bàbá onílé tèmi kì í ka lẹ́tà dé ìparí.