Súpáfáísọ̀ mi àtijọ́ kò dá mi lóhùn lórí lẹ́tà ìjẹ́rìí, ọjọ́ sì ń lọ

Àbẹ̀ní Tákíé:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mò ń wá àyè láti ka másítáàsì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè, méjì ti wọlé. Ti súpáfáísọ̀ tó darí pùrójẹ́ẹ̀tì mi ló kù. Bàbá yìí mọ̀ mí dáadáa! Èmi ni mo máa ń bá wọn kó ìwé ìdánwò láti ọ́fíìsì lọ sí gbọ̀ngàn, ìyàwó wọn pàápàá mọ̀ mí. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lórí Wọ́sáàpù, wọ́n kà á. Mo pè wọ́n, wọn ò gbé e. Ilé ẹ̀kọ́ náà sì ti fi líńkì ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn, kò sí èsì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde ní kíá ni wọ́n kọ ti òun. Ṣé torí pé mi ò gbé nǹkan dání lọ kí wọn ni? Mo sìn wọ́n tọkàntọkàn nígbà náà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì:
Ìgbà wo lo kí wọn gbẹ̀yìn kí o tó nílò lẹ́tà? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí ẹ bá ti gba sáǹtífíkéètì tán, ó dìgbà tí ẹ bá tún fẹ́ gba nǹkan. Olùkọ́ náà kì í ṣe igi.

Bọ̀dá Láoyè:
Ìyá Ìbejì, ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Àbẹ̀ní, kọ lẹ́tà náà fúnra ẹ. Ṣí Gmail tuntun ní orúkọ wọn, fi àdírẹ́sì yẹn rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, kí o fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń sọ fún ọmọ pé kó kọ ọ́ wá, kí àwọn kàn fọwọ́ sí i.

Olùkọ́ Sábó:
Bọ̀dá Láoyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀nà yẹn han ọmọ ọlọ́mọ. Ilé ẹ̀kọ́ lè kọ̀wé sí olùkọ́ náà ní àdírẹ́sì tó wà lójú ewé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí wọ́n bi í bóyá òun ló kọ lẹ́tà. Bí ó bá sọ pé òun kọ́, fọ́ọ̀mù náà ti kú nìyẹn, wọ́n sì lè gba àyè náà padà kódà lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọlé.
Àbẹ̀ní, ohun tí o sọ kò tíì tó fún wa. Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù? Kí ni o kọ sórí Wọ́sáàpù gan-an, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀? Àdírẹ́sì ímeèlì wo ni o fún ilé ẹ̀kọ́ náà?

Àkànní Ògbómọ̀ṣọ́:
Ọ̀rọ̀ onídùúró yìí le o. Nígbà tí mo fẹ́ wọ iṣẹ́ báǹkì, ẹni méjì ni wọ́n ní kó dúró fún mi, kí wọ́n mú fọ́tò àti káàdì ìdánimọ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló gbà mí. Àbẹ̀ní, o ò lè wá ẹlòmíì nínú mọ̀lẹ́bí?

Adékẹ́mi:
Àkànní, kì í ṣe onídùúró. Lẹ́tà ìjẹ́rìí ẹ̀kọ́ ni, ẹni tó kọ́ ọ tàbí tó darí iṣẹ́ rẹ nìkan ló lè kọ ọ́. Mọ̀lẹ́bí kò wọ ibẹ̀.

Àbẹ̀ní Tákíé:
15 Oṣù Kejìlá ni wọ́n máa tì í. Ohun tí mo kọ sórí Wọ́sáàpù ni pé, "Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò lẹ́tà ìjẹ́rìí yín fún ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun. Ẹ yẹ ímeèlì yín wò. Ẹ ṣé sà." Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi kọ ọ́. Ìyá Ìbejì, mo máa ń kí wọn lọ́dún tuntun.

Olùkọ́ Sábó:
Kò sí àìbọ̀wọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé o gbé gbogbo iṣẹ́ náà lé wọn lórí. Nígbà tí olùkọ́ bá ṣí líńkì yẹn, wọ́n á bi í pé ọdún mélòó ni ó ti mọ ọ́, ẹ̀kọ́ wo ló kọ́ ọ, ipò wo lo wà nínú àwọn tó ti kọ́, ṣé ìdá 5 nínú 100 tó ga jù ni àbí ìdá 10 àbí ìdá 25. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kó gbé lẹ́tà sókè, kó sì fi iṣẹ́ tó rí lọ́wọ́ rẹ ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò sí olùkọ́ tó máa rántí gbogbo èyí fún ọmọ kan. Yóò sọ pé òun á ṣe é nígbà tí àyè bá yọ, àyè kò sì ní yọ.

Adékẹ́mi:
Àbẹ̀ní, ìbéèrè kan. Orúkọ wo ló wà nínú fọ́ọ̀mù tí ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ sí wọn? O mẹ́nu kan ọkọ rẹ lọ́jọ́sí nínú ẹgbẹ́ yìí.

Àbẹ̀ní Tákíé:
Orúkọ ọkọ mi ni, torí òun ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi. Òun náà ló wà lórí Wọ́sáàpù mi. Ní tòótọ́, wọ́n fèsì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní "Ta nìyí?" Mo ní "Ọmọ yín àtijọ́ ni sà." Wọn ò tún sọ nǹkan kan mọ́. Ó dùn mí pé wọ́n gbàgbé mi.

Ìyá Ìbejì:
Háà! Àbẹ̀ní! Wọ́n bi ọ́ léèrè ẹni tí o jẹ́, o ò sọ orúkọ! Ọmọ mélòó ni wọ́n ti kọ́ látìgbà náà?

Adékẹ́mi:
Nǹkan tí mo rò nìyẹn. Orúkọ tí wọn ò mọ̀ rí ló wọlé sí ímeèlì wọn pẹ̀lú líńkì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa pa irú rẹ̀ rẹ́, wọ́n á rò pé oníjìbìtì ni. Sì wò ó, ìwé èsì rẹ ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ, fọ́ọ̀mù ń jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ. Bí olùkọ́ bá wá fi orúkọ àtijọ́ kọ lẹ́tà láìṣàlàyé, ilé ẹ̀kọ́ lè rò pé ẹni méjì ni. Wá ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè orúkọ tí o ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí o kọ ọ́ síbẹ̀. Ní kí olùkọ́ náà kọ orúkọ méjèèjì sínú ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà.

Olùkọ́ Sábó:
Adékẹ́mi ti rí ojú ọ̀rọ̀. O ò sì tíì dáhùn nípa ímeèlì.

Àbẹ̀ní Tákíé:
Ti ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ ni mo fi síbẹ̀, èyí tó wà lára ìwé pùrójẹ́ẹ̀tì mi. Wọ́n ti kúrò níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n wà báyìí. Mo rò pé ímeèlì a máa tẹ̀ lé èèyàn.

Olùkọ́ Sábó:
Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì rí líńkì náà rárá, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ a máa ti àdírẹ́sì ẹni tó bá ti kúrò. Má fi líńkì mìíràn ránṣẹ́ báyìí. Kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sórí Wọ́sáàpù, kí o sọ orúkọ àtijọ́ rẹ, ọdún tí o jáde àti pùrójẹ́ẹ̀tì rẹ. Bi wọ́n bóyá wọ́n lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ dáadáa, kí o sì sọ pé tí àyè ò bá sí, kò ní bí ọ nínú. Béèrè àdírẹ́sì tí wọ́n ń lò nísinsìnyí, ti ilé ẹ̀kọ́ wọn ló dára jù, torí ilé ẹ̀kọ́ míì kì í fẹ́ gba Gmail lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ́rìí. Ìgbà tí wọ́n bá gbà ni kí o tó yí àdírẹ́sì inú fọ́ọ̀mù, kí o ní kí wọ́n tún líńkì fi ránṣẹ́.
Báyìí, sọ fún wa ohun tí o ṣe nínú pùrójẹ́ẹ̀tì náà.

Àbẹ̀ní Tákíé:
Ìyẹ̀fun ewé dóńgóyárò ni mo fi dán kòkòrò ẹ̀wà wò. Gíráàmù 0, 1, 2 àti 4 sínú 100 gíráàmù ẹ̀wà, ìgò mẹ́ta fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kòkòrò mẹ́wàá nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Mò ń ka èyí tó kú ní wákàtí 24, 48 àti 72. Nígbà àkọ́kọ́, kòkòrò inú ìgò tí kò ní ewé rárá náà ń kú. Mo wá rí i pé ẹ̀wà ọjà ni, wọ́n ti fi òògùn apakòkòrò sí i. Mo lọ ra ẹ̀wà tuntun lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí kò lo òògùn, mo fi sínú fírísà kí ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ kú, mo jẹ́ kó yọ́, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọdún 2019 ni mo ṣe é. Wọ́n ti kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò oko ní ọdún kẹta, mo gba A. Àwa 64 la wà ní kíláàsì, ipò kẹta ni mo wà. Ìtọ́jú irúgbìn lẹ́yìn ìkórè ni mo fẹ́ lọ kà báyìí.

Olùkọ́ Sábó:
Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn rèé, o fi pamọ́! "Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kára" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ka lẹ́tà. Ọmọ tó rí i pé ìgò tí kò ní ewé ń pa kòkòrò, tó wá ìdí rẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun dípò kó yí iye inú ìwé padà, ẹni tó lè ṣe ìwádìí nìyẹn.
Tí wọ́n bá ti gbà, fi ímeèlì kan ṣoṣo ránṣẹ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì ni o máa kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ nìyí:

*Àkọlé: Lẹ́tà ìjẹ́rìí fún (orúkọ àtijọ́), pùrójẹ́ẹ̀tì dóńgóyárò 2019, jọ̀ọ́ kí ó tó di 8 Oṣù Kejìlá.*
*Ẹ ṣé tí ẹ gbà, sà. Orúkọ mi nígbà náà ni lágbájá, èyí tó wà nínú fọ́ọ̀mù ni lágbájá, nọ́ńbà mátíríìkì mi ni báyìí-báyìí. Ẹ kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò oko ní ọdún kẹta, mo gba A. Ẹ darí pùrójẹ́ẹ̀tì mi ní ọdún àṣekágbá. Ipò kẹta ni mo wà nínú àwa 64.*
*Ohun tí mo rò pé ẹ rí lọ́wọ́ mi: bí mo ṣe rí àléébù ìgò tí kò ní ewé, tí mo sì tún iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ fi èyí tí ẹ rántí sílẹ̀, ẹ yọ èyí tí ẹ ò rántí.*
*Ohun tí mo fẹ́ lọ kà ni ìtọ́jú irúgbìn lẹ́yìn ìkórè. Líńkì yóò wá láti ilé ẹ̀kọ́ báyìí-báyìí, ẹ wo inú Spam tí ẹ ò bá rí i. Mo so ìwé èsì mi, àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ mi, àti ojú ewé àkótán pùrójẹ́ẹ̀tì náà mọ́ ọn.*

3 nínú 64 bọ́ sínú ìdá 5 nínú 100 lókè, ṣùgbọ́n má kọ ìyẹn fún wọn. Fún wọn ní iye, wọ́n á fúnra wọn yan àpótí tí ó bá èrò wọn mu. Mo fi 8 sí i kí ọ̀sẹ̀ kan lè kù bí nǹkan bá yẹ̀.

Bọ̀dá Láoyè:
Kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ohun tí mo sọ? Lẹ́tà náà ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ tán yìí.

Olùkọ́ Sábó:
Òótọ́ iṣẹ́ ló fún wọn. Ìdájọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Nínú fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń bi ọmọ bóyá ó yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti ka lẹ́tà náà, ìyẹn ni pé òun ò ní béèrè láti kà á. Ẹni tó bá ní òun yọ̀ǹda, tí òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́, ti parọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ṣùgbọ́n tí olùkọ́ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí ọmọ kọ ọ́ wá ńkọ́? Kí ọmọ sọ pé rárá? Ta ló láyà yẹn ní ilẹ̀ yìí?

Bọ̀dá Láoyè:
Ẹ dá a lóhùn o, Olùkọ́.

Olùkọ́ Sábó:
Kí ó tún ímeèlì yẹn fi ránṣẹ́, kí ó sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n nílò ti wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ọ̀rọ̀ náà le, mi ò ní purọ́ fún yín.

Àbẹ̀ní Tákíé:
Mo ti kọ Wọ́sáàpù náà pẹ̀lú orúkọ àtijọ́. Wọ́n dáhùn! Wọ́n ní, "Ọmọ ẹlẹ́wà! Kí ló dé tí o ò sọ?" Wọ́n ti fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́. Ṣé agogo méjìlá òru 15 ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni wọ́n máa tì í?

Adékẹ́mi:
Wo ohun tí fọ́ọ̀mù kọ. Bí ó bá jẹ́ 11:59 alẹ́ 15 ní wákàtí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, 5:59 àárọ̀ 16 ni lọ́dọ̀ wa. Má gbẹ́kẹ̀ lé wákàtí mẹ́fà yẹn. Lẹ́yìn tí o bá ti yí àdírẹ́sì, wo ojú ewé fọ́ọ̀mù rẹ bóyá wọ́n kọ ọ́ pé líńkì ti lọ. Ilé ẹ̀kọ́ míì kì í fi líńkì ránṣẹ́ àfi tí o bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀ fúnra rẹ.

Àbẹ̀ní Tákíé:
Bọ́tìnì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti tẹ̀ ẹ́ báyìí.