Ṣé kí n ra góòlù ni àbí kí n máa fowó ránṣẹ́ sílé?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Dùbáì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń fowó ránṣẹ́ sí màámi n'Íbàdàn, àmọ́ èyí tí wọ́n bá tọ́jú ní náírà kì í lágbára mọ́, ṣebí níbẹ̀rẹ̀ 2023 dọ́là ò tíì tó 500 ní báńkì, ó kọjá 1,500 ní 2024. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra góòlù pẹlẹbẹ gíráàmù 10 ní àdúgbò Déírà ní Dùbáì níbí, èyí tí wọ́n dì mọ́nú ike pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fowó iṣẹ́ lé e, ẹni tó bá sì fẹ́ rà á nílé tún máa gé owó ẹ̀, pàápàá tí ike yẹn bá ti ya. Tí màámi bá wá nílò owó oògùn lóru ńkọ́? Mò ń rò ó pé kí owó oúnjẹ ṣì máa lọ bẹ́ẹ̀, kí n fi ìyókù ra góòlù. Ẹni tó bá ti tà á rí n'Íbàdàn, èló ni wọ́n gé?