Báwo ni mo ṣe máa bẹ àǹtí yìí kí wọ́n mú mi mọ ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì?

Aláró Ìtòkú: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Òtẹ́ẹ̀lì kan n'Ìbàdàn ń wá aṣọ fèrèsé àti aṣọ ìrọ̀rí. Èmi àti ọ̀gá tó ń rajà fún wọn ò mọra, àmọ́ àǹtí kan tó jẹ́ oníbàárà mi bá a lọ iléèwé. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọ̀gá yẹn.” Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Bọ̀dá Gbàgí: Ṣèlérí ìdá mẹ́wàá nínú owó náà fún àǹtí. Kíá ni wọ́n á pè é.

Ìyá Oníṣòwò: Má bèèrè nọ́ńbà, ọmọ mi. Bí àǹtí bá fún ọ láìgba àṣẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè bínú sí i. Ní kó kọ́kọ́ bi ọ̀gá náà bóyá ó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ, kí o sì jẹ́ kó rọrùn fún un láti kọ̀: “Bí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn mà, kò sí wàhálà rárá.”

Lẹ́yìn náà, kọ ọ̀rọ̀ kejì lọ́tọ̀, tí àǹtí kàn máa tari sí ọ̀gá náà láìfi ọwọ́ kàn án. Bí o bá ní kó fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ, á máa sún un síwájú ni. Fún àpẹẹrẹ:

“Aláró ni mí n'Ítòkú. Mo ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún fèrèsé àti ìrọ̀rí. Àwòrán aṣọ kan náà nìyí, kí n tó fọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́, màá gbé àpẹẹrẹ wá kí ẹ fọwọ́ kàn án.”

Àwòrán aṣọ tí a ti fọ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ̀rù pé aró á ṣí sára aṣọ ìbùsùn funfun ló máa kọ́kọ́ ba òtẹ́ẹ̀lì. Má dárúkọ owó níbẹ̀. O ò tíì mọ iye fèrèsé wọn.

Ní ti ìdá mẹ́wàá, bí ọ̀gá náà bá gbọ́ pé wọ́n ń sanwó fún ọ̀rẹ́ òun, á rò pé wọ́n ti gbé owó náà lé iye tí òun máa ra aṣọ.

Bọ̀dá Gbàgí: Ìyá, ní ọjà tiwa, ẹni tó bá mú oníbàárà wá lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan o.

Ìyá Oníṣòwò: Alárinà tó fi í ṣiṣẹ́ ṣe nìyẹn. Oníbàárà tirẹ̀ ni àǹtí yìí.

Télọ̀ Mókọ́lá: Ẹnìkan mú mi mọ oníléèwé kan. Aṣọ ò tètè yá, ẹni tó mú mi lọ ni wọ́n ń pè láàárọ̀ lálẹ́. Kò gbé fóònù mi mọ́. Ẹ má ní kí wọ́n mú yín lọ bí ọwọ́ yín bá ti kún.

Aláró Ìtòkú: Ẹ ṣé gan-an. Òjò ló ń bà mí lẹ́rù, aṣọ kì í tètè gbẹ. Bí àǹtí bá ka ọ̀rọ̀ náà tí wọn ò fèsì ńkọ́?

Ìyá Oníṣòwò: Fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kí o rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ọ̀gá náà bá dáhùn, sọ fún àǹtí lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ pé wọn ò rà á.