Mítà mi ń ka 14,962, bíìlì ní 15,130

Màmá Tómiwá, Ìjọ̀kà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ki bíìlì iná bọ abẹ́ géètì mi, ₦21,328 fún oṣù kan ṣoṣo, èmi tó jẹ́ pé máṣìnnì ìránṣọ méjì àti fíríìjì kékeré kan ni mo ní, àwọn ọmọ pàápàá ò sí nílé, wọ́n wà lọ́dọ̀ màmá wọn àgbà ní Ọ̀wọ̀. Mo kọ́kọ́ pariwo títí. Ìgbà tí orí mi wálẹ̀ ni mo mú ìwé náà lọ síwájú mítà, mítà àtijọ́ tí nọ́ńbà ń yí nínú ẹ̀ ni tiwa o, kì í ṣe ti káàdì.

Bíìlì ní ní 28 July mítà wà ní 14,820, ní 28 August ó dé 15,130, ìyẹn 310 yúníìtì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦64, ó jẹ́ ₦19,840, wọ́n fi fáàtì ₦1,488 lé e. Ìṣirò yẹn péye, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ 6 September ni mo dúró síwájú mítà yìí o, 14,962 ló wà! Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n láwọn kà á, kò tíì dé ibi tí wọ́n sọ. Nígbà tí mo wá wo ẹ̀gbẹ́ bíìlì dáadáa, wọ́n kọ ẹsitiméètì sí i ní lẹ́tà wínníwínní. Ṣé kí n san ni àbí kí n má san?

Dáre, Òdà Róòdù
Mọ̀mí, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹsitiméètì ò bófin mu mọ́, ìjọba ti fòfin dè é láti 2020. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gé e, ẹ ó sì rí i pé wọn ò ní wá.

Fọlá
Èmi ò mọ̀ nípa bíìlì o, tèmi jẹ́ ti káàdì. Kí ló dé tó jẹ́ ₦5,000 tó máa ń tó mi ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́lẹ̀, ọjọ́ márùn-ún péré ló ń lò báyìí? Ṣé mítà mi ló ń sáré ni?

Bàbá Ọ̀bá-Ilé
Fọlá, wo ìwé kékeré tí wọ́n fún ẹ nígbà tí o ra yúníìtì, kí o pín owó yẹn sí iye yúníìtì tí wọ́n fún ẹ. Tí ó bá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó yúníìtì ló gòkè, bóyá wọ́n gbé fídà yín, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò yín, lọ sí bándì míì. Mítà ò mọ owó, yúníìtì nìkan ló mọ̀.

Ó yá, Màmá Tómiwá. Mo ka mítà kiri ìlú yìí fún ọdún mẹ́fà kí n tó fi í sílẹ̀, torí náà ohun tí mo rí ni mo máa sọ. Géètì títì, ajá, òjò, kí ẹni tó yẹ kó ka àdúgbò méjì máa ka mẹ́rin, ìwọ̀nyí ló ń mú kí èèyàn jókòó sí ọ́fíìsì kó fi ojú inú ka mítà. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Tí wọ́n bá fi ogún yúníìtì lé e lóṣù yìí, tí ẹnìkan wá ka mítà gan-an lóṣù tó ń bọ̀, yúníìtì ogún yẹn ti wà nínú ẹ̀, bíìlì tó ń bọ̀ á kéré, kò sí ohun tó sọnù. Tí wọ́n bá kà á kéré náà, ẹ má yọ̀ o, lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kà á lóòótọ́ gbogbo ẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn èèyàn á wá máa pariwo pé wọ́n ti yan àwọn jẹ.

Tiyín ni mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Láti 28 July sí 6 September jẹ́ ogójì ọjọ́, ẹ jẹ 142, ìyẹn bíi mẹ́ta àbọ̀ lóòjọ́. Láti ibi tẹ́ ẹ wà sí 15,130 ṣì ku 168. Pẹ̀lú bẹ́ ẹ ṣe ń lo iná, ó máa tó ọjọ́ 47 kí mítà yín tó lé bíìlì bá! Ní 28 September, ẹni tó bá wá kà á á rí nọ́ńbà tó kéré sí èyí tó wà lórí bíìlì tó kọjá. Kọ̀ǹpútà tiwa ò gba irú ẹ̀ nígbà náà, ohun tá a máa ń ṣe ni pé a tún fi ẹsitiméètì míì lé e lórí. Bó ṣe ń di gbèsè nìyẹn.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ yẹ nọ́ńbà mítà wò bóyá òun náà ló wà lórí bíìlì, mo ti rí ibi tí bíìlì àjà òkè ti ń lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá nọ́ńbà pupa wà lápá ọ̀tún pátápátá, ìdá mẹ́wàá yúníìtì ni yẹn, a kì í kà á mọ́ ọn.

Màmá Tómiwá, Ìjọ̀kà
Nọ́ńbà mítà bára mu sà. Pupa wà níbẹ̀, mi ò kà á.

Títí, Oǹdó
Dáre, ọ̀rọ̀ ẹ kù díẹ̀ káàtó. Àwa tá ò ní mítà rárá ni òfin 2020 yẹn wà fún. Wọn ò fòfin de ẹsitiméètì, gègé ni wọ́n fi sí i, pé yúníìtì tí wọ́n lè kọ fún ilé tí ò ní mítà lórí fídà kan lóṣù ò gbọdọ̀ kọjá iye kan. Yúníìtì o, kì í ṣe náírà. Ọdún kan ni mo fi ń jà pé bíìlì mi ti kọjá gègé, kí n tó mọ̀ pé yúníìtì ò kọjá, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ti wọ́n. Ojú tì mí díẹ̀.

Àti pé kéèyàn má san kọ́bọ̀ yẹn, rárá. Ẹni tí ò ní mítà tó ń bá wọn jiyàn lórí bíìlì lẹ́tọ̀ọ́ láti san iye bíìlì tó kẹ́yìn tí kò bá wọn jiyàn lé lórí, títí wọ́n á fi yanjú ẹ̀. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn.

Dáre, Òdà Róòdù
Mo gbọ́. Àmọ́ bándì ńkọ́? Wọ́n kọ B sórí bíìlì, B sì ni iná wákàtí 16 lóòjọ́, ó kéré tán. Ta ló ń rí wákàtí 16 ní Ìjọ̀kà?

Bàbá Ọ̀bá-Ilé
Fídà ni wọ́n ń fún ní bándì, kì í ṣe ilé. Wákàtí tí fídà fi ní iná ni wọ́n máa fi hàn ẹ́, transfọ́mà yín sì lè wà lókùnkùn nígbà yẹn torí fíúsì já. Ẹ ya ọ̀rọ̀ bándì sọ́tọ̀, àdúgbò ni kó jọ kọ ọ́. Kí Màmá má pa á pọ̀ mọ́ ti mítà, wọ́n á fi èyí tó le bo èyí tó rọrùn mọ́lẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi fọ́tò mítà sí i, kí ẹ gba sítáǹpù sára ẹ̀dà tiyín. Ẹ ní kí wọ́n wá ka mítà níṣojú yín.

Màmá Tómiwá, Ìjọ̀kà
Mo padà dé o. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n lọ san ₦21,328 ná, mo ní mo wá fi lẹ́tà sílẹ̀ ni, mo san ₦9,000 ìwọ̀n oṣù tó kọjá. 18 September ni ọmọkùnrin kan wá, ọmọ dáadáa ni, ó kà á níwájú mi: 15,004. Mo ní kó kọ ọ́ sórí ẹ̀dà lẹ́tà mi kó fọwọ́ sí i.

Bíìlì tuntun ti dé láàárọ̀ yìí. Wọ́n yọ yúníìtì 126, ₦8,064, ó wà níbẹ̀ kedere, inú mi dùn. Ìgbà tí mo wá jókòó tì í ni mo rí i pé fáàtì orí owó yẹn, ₦604.80, wọn ò yọ ọ́. Bàbá Ọ̀bá-Ilé, ṣé wọ́n máa ń yọ fáàtì náà ni? Torí mo ṣì máa lọ ra òwú lọ́jà ní ọjọ́ Ajé, ọ́fíìsì wọn ò sì jìnnà síbẹ̀.