Ìgbátí fótò: ṣé ká gé e ni àbí ká rẹ́ ẹ?

Atúmọ̀: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, bọ́tìnnì méjì ló dá mi dúró nínú ètò tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe tí mò ń túmọ̀. Èkíní ń yọ etí funfun tó yí fótò tí wọ́n síkáànù ká, èkejì ń mú èyí tó fì díẹ̀ tọ́. Kí la máa pè wọ́n?

Ọmọ Tíṣà: "Gé fótò" àti "yí fótò", ó tán. Kí "gé" sì ṣáájú, ṣebí èèyàn á kọ́kọ́ gé pàǹtí dànù ná.

Ìyá Ìbejì: Ẹ rọra o! Mo yọ ọ̀kan nínú férémù lọ́jọ́ kan, ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, bí mo ṣe fà á báyìí ni ojú ìyá mi bó. Ẹ bá wọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má fipá fà á.

Bàbá Onífótò: Ẹ pẹ̀lẹ́ Ìyá Ìbejì, inú kọ̀ǹpútà lèyí ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe férémù onígi. Ọmọ Tíṣà, tẹ́nì kan bá gbọ́ "gé fótò", á rò pé wọ́n gé e sí méjì ni. Etí là ń mú kúrò, bá a ṣe ń rẹ́ ẹ̀ka igi tí igi ṣì wà ní ìdúró, torí náà "rẹ́ ìgbátí" ni tèmi. "Yí" ńkọ́, ìyẹn ni ká gbé fótò tó dùbúlẹ̀ dìde, 90 dìgírì. Èyí tó kàn fì, "mú tọ́" ni.

Mímú tọ́ ló sì ń ṣáájú o. Èyí tó wà níwájú mi báyìí, 1800 píksẹ́li ni fífẹ̀ ẹ̀, igun òkè lósì fi bíi 31 ga ju ti ọ̀tún lọ, dìgírì 1 péré nìyẹn, mo dà á sósì díẹ̀ ó tọ́. Ká ní mo ti rẹ́ ẹ tímọ́tímọ́ tẹ́lẹ̀ ni, bí mo ṣe ń dà á yẹn, àlàfo onígun mẹ́ta á yọ nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, màá tún rẹ́ ẹ, èjìká ẹni tó dúró sétí á sì bá a lọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni kẹ́ ẹ dà á, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dà á ni kọ̀ǹpútà ń fojú bu píksẹ́li tuntun, tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ wo irun orí wọn dáadáa, á ti fẹ́ dà bí òwú.

Ọmọ Tíṣà: Mo gbà sà. Tí ìgbátí bá wá tọ́ ṣùgbọ́n tí òpó ilé inú fótò fì ńkọ́?

Bàbá Onífótò: Òpó ni mo máa ń tẹ̀ lé, bébà lè jẹ́ pé wọ́n gé e wọ́ látilẹ̀. Àwọn kan ò gbà o, wọ́n ní bí ayàwòrán ṣe yà á ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Atúmọ̀: "Mú tọ́" wọlé. "Rẹ́" yìí ló ń kọ mí lóminú, wọn kì í fi àmì sórí bọ́tìnnì, "re igbati" ni wọ́n máa rí, ẹlòmíì á sì rò pé pípa rẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì: Ṣé èyí tó bó yẹn ò wá ní bọ́tìnnì tiẹ̀ ni?