Dí, há, àbí tóóró?

Olùtumọ̀ kan, Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìwé pélébé fún àwọn obìnrin tó ń dín gàrí lọ́dọ̀ wa. Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní bepeseo, ìyẹn BPCO lédè Faransé, ló dá lé lórí. Mo kọ "àrùn ẹ̀dọ̀fóró dídí". Ṣé ó tọ̀nà? Kí la sì máa pe ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí, àti nọ́ńbà méjì tó ń gbé jáde, VEMS àti CVF?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, "ikọ́ èéfín" ni kí o kọ, kí olúwarẹ̀ lè mọ ohun tó ṣe é. Bó bá jẹ́ "dídí" lo fẹ́, kò burú náà. Tí a bá ní imú ẹnì kan dí, a ò sọ pé kò mí mọ́. Má ṣáà kọ "ikọ́ fée", torí àwọn kan ń fi pe ásímà, àwọn mìíràn ń fi pe ikọ́ ife, ìwé rẹ á wá di ìjà.

Ẹ̀rọ yẹn, "awọ̀nmí": ohun tó ń wọn èémí. Ní ti nọ́ńbà, ẹ̀dọ̀fóró wọn ló ti kéré, ìdí nìyẹn tí èémí tó ń jáde fi kéré.

Nọ́ọ̀sì kan, Àjàṣẹ́

Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Mo ti dán "awọ̀nmí" wò lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. "Àwọ̀n omi" ni wọ́n gbọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, mo ti pè é ní "ẹ̀rọ ìfẹ́", torí pé a ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀rín ni wọ́n fi lé mi kúrò níbẹ̀. "Ẹ̀rọ ìwọ̀n èémí" ni mò ń pè é báyìí, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ṣùgbọ́n ti pé ẹ̀dọ̀fóró kéré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá yín dúró díẹ̀. Ẹ bu omi tó dọ́gba sínú igbá àti sínú kèrègbè ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ dojú àwọn méjèèjì dé. Ti igbá á dà wàá. Ti kèrègbè á máa ṣe gbọ́lọ́gbọ́lọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní sùúrù, yóò jáde. CVF ni gbogbo ohun tó jáde. VEMS ni èyí tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le á ti tú bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn. Ti alárùn yìí kì í tó ìdá 70 nínú 100. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ súnkì ní tòótọ́, igbá kékeré ni tirẹ̀: omi rẹ̀ kéré, síbẹ̀ ó ń dà wàá. Àrùn mìíràn nìyẹn.

Ibi tí kèrègbè ti lè ṣì wá lọ́nà ni pé ọrùn rẹ̀ le, ọ̀nà èémí sì rọ̀. Ẹran ara tó yí àwọn òpó èémí kéékèèké ká ló ń fà wọ́n ṣí, bí okùn ṣe ń fa àgọ́. Èéfín sìgá máa ń já àwọn okùn yẹn. Ti èéfín igi, ògiri òpó ló sábà máa ń nípọn tí àpá á sì mú un, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á tún pọ̀ nínú rẹ̀. Tí aláìsàn bá wá fipá lé èémí jáde, ògiri òpó á lẹ̀ mọ́ra wọn. Bó ṣe ń tẹnpẹlẹ mọ́ ọn tó, bẹ́ẹ̀ ló ń pa dé mọ́ ọn nínú.

Ará Ṣábẹ

Ẹ dákun, ẹ̀rọ yìí, ṣé ó lè fa èéfín jáde lára ìyá mi? Ó ti ń yan èso òrí kí wọ́n tó bí mi. Ó lọ fẹ́ ẹ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Síbẹ̀ kò lè rìn dé ọjà kó má dúró lẹ́ẹ̀mẹta.

Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́

Kò lè fa nǹkan kan jáde o, ó kàn ń kà ni. Àmọ́ "kò sí nǹkan kan" yẹn ń kọ mí lóminú.

Obìnrin kan, ẹni ọdún 58, adíngàrí tí kò fẹnu kan sìgá rí, jókòó níwájú mi. Nígbà àkọ́kọ́ tó fẹ́ ẹ, ojú ń tì í, ó dá a dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìwé gbé VEMS lítà 1.12 jáde, CVF 1.55. Ẹ pín in: ìdá 72. Ó dàbí alára líle. Ṣùgbọ́n ìlà orí ìwé náà ṣì ń gòkè nígbà tí ó gé. A tún un ṣe. Mo fi nǹkan pa imú rẹ̀ dé, ó pa ètè mọ́ ẹnu páìpù, mo sì ń pariwo lé e lórí: "Ó kù! Ó kù! Ó kù!" títí di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tí ìlà tẹ́jú. VEMS kò kúrò ní 1.12. CVF di 2.10. Ìdá 53! Èémí tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ló fi àrùn pamọ́.

A ṣe é títí a fi rí mẹ́ta tó dára, tí méjì tó ga jù nínú wọn kò fi ju mílílítà 150 lọ síra. Lẹ́yìn náà ló fa oògùn sabutamọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹrin, a dúró fún ìṣẹ́jú 15, ó tún fẹ́ ẹ. VEMS 1.20, CVF 2.15: ìdá 56. Ká ní ó kọjá 70 lẹ́yìn oògùn ni, ásímà ni ǹ bá kọ́kọ́ máa rò.

Ìdí nìyí tí "dídí" kò fi tẹ́ mi lọ́rùn, Bàbá. Imú tó dí máa ń ṣí. Ẹ jẹ́ ká lo "híhá".

Olùkọ́, Àjàṣẹ́

Mo ti jọ̀wọ́ "awọ̀nmí" fún yín. Ṣùgbọ́n eegun náà máa ń há ni lọ́fun! Wọ́n á ní ká yọ ohun tó há. Ẹ ò rí i bí ará Ṣábẹ ṣe béèrè? "Ọ̀nà èémí tóóró" ni kí ẹ kọ: ọ̀nà tóóró ṣeé gbà, kò kàn ṣeé sáré gbà ni. Kí VEMS jẹ́ "àkọ́fẹ́", kí CVF jẹ́ "àfẹ́tán". N kò sì tíì jọ̀wọ́ "ikọ́ èéfín".

Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́

"Tóóró" dára ju tèmi lọ. Àmọ́ Bàbá, "àkọ́fẹ́" kẹ̀? Ìyálé ni wọ́n máa gbọ́. Bóyá "àkọ́tú" àti "àtútán".

Ní ti "ikọ́ èéfín", àwọn kan wà tí wọn kì í wúkọ́ púpọ̀, mímí gúlegúle ló ń dà wọ́n láàmú. Àpá ikọ́ ife tàbí eruku ibi iṣẹ́ ló sì ṣe àwọn mìíràn. Adíngàrí tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á tún rò pé bí òun bá ti kúrò nídìí iná, ó parí. Bó bá kúrò, tàbí tó ṣe ihò èéfín sókè ààrò, èyí tó kù á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ti lọ kò ní padà.

Ìdá 70 yẹn pàápàá, mo máa ń bá dókítà jà lé e lórí. Arúgbó ọgọ́rin ọdún lè lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ láìsí àrùn kankan, nígbà tí ọmọ ọgbọ̀n ọdún lè wà lókè rẹ̀ kí àrùn sì ti wọlé.

Olùtumọ̀, Kétu

Mo ti kọ "àrùn ọ̀nà èémí tóóró" síwájú ìwé. Mo ka "àkọ́tú" fún ìyá mi, ó ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé "èémí àkọ́jáde" ló yé òun. Ẹ wo ìyẹn náà wò.

Ará Ṣábẹ

Ìwé ìyá mi ṣì wà lábẹ́ ẹní. Níbo ni wọ́n ń kọ bó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀ sí?

Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́

Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ FET. Tí ohun tó wà níwájú rẹ̀ bá jẹ́ 2 tàbí 3, tí ìlà náà kò sì tíì tẹ́jú, ẹ mú Màmá padà lọ, kí wọ́n jẹ́ kó fẹ́ ẹ tán.