Ìgbì akanlẹ̀ ni, àbí ìgbì omi àìjìn?

Olùkọ́ girama, Abẹ́òkúta: Ẹ jọ̀ọ́, ìwé fìsíìsì ní eré ìgbì ojú omi ń tẹ̀lé ìjìn omi níbi tí omi kò jìn, àmọ́ gígùn ìgbì, láti orí ìgbì kan dé orí èyí tó tẹ̀lé e, ló ń tẹ̀lé níbi tí omi jìn. Kí ni kí n pe irú méjèèjì fún àwọn ọmọ, kí ló sì fa ìyàtọ̀?

Ará Láfẹ́nwá: Ṣebí èyí kò le. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tí Odò Ògùn bá ti fẹ́lẹ́, ó ń sáré lórí àpáta. Ibi tó bá jìn, ó ń rọra lọ. Ẹ pè wọ́n ní “asáré” àti “arọra”. Ó tán.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì, Aké: Ìṣàn lẹ ń sọ, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìgbì. Ìṣàn ń gbé omi lọ. Ìgbì ń kọjá lára omi ni. Ẹ wo ewé tó léfòó lójú adágún Ọ̀yán: ìgbì á gbé e sókè, á tì í síwájú díẹ̀, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á fà á padà. Ó ń yípo ni. Ní ti ìgbì, ibi tí omi bá fẹ́lẹ́ gan-an ni eré rẹ̀ ti ń dín.

Ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ: Nítorí pé ilẹ̀ ń ha á lẹ́sẹ̀ ni, bàbá. “Ìgbì afẹsẹ̀wọ́lẹ̀” ló yẹ kó jẹ́.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì: Orúkọ yẹn dùn, ọmọ mi, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ sì tọ̀nà: ilẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Àmọ́ kì í ṣe híha. Bí ilẹ̀ bá tiẹ̀ ń dán bíi gíláàsì, eré á ṣì dín. Orí ìgbì kò lè sún síwájú àfi kí omi ẹ̀yìn rẹ̀ gba abẹ́ kọjá, kó lọ kó jọ síwájú. Bí àyè abẹ́ bá há, omi díẹ̀ ló lè kọjá lẹ́ẹ̀kan, òkìtì iwájú á sì pẹ́ kó tó ga. Ohun tí c = √(g·h) ń wí nìyẹn; c ni eré ìgbì, g ni agbára tí ilẹ̀ ayé fi ń fa nǹkan, h ni ìjìn.

Níbi tí omi bá jìn, yíyípo yẹn ń kéré sí i bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Tí a bá fi ìdajì gígùn ìgbì wọlẹ̀, nǹkan bí 4 nínú 100 ti òkè ló kù. Ìgbì kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ wà. Ìwọ̀nba omi tó lè rú fúnra rẹ̀ ló ń lò, ìgbì gígùn sì ń rú omi jìnnà ju kúkúrú lọ. Ẹ fi gígùn ìgbì tí a pín sí 6.28 sí ipò h. Ìgbì tó gùn ní mítà 10 á máa sáré bí ẹni pé omi rẹ̀ jìn ní mítà 1.6 péré: mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ì báà jẹ́ mítà 10 ni omi náà jìn tàbí 1,000.

Ìyá aládìrẹ, Ìtòkú: Ẹ má bínú, èmi ò lọ ilé ìwé fìsíìsì. Tí a bá gbé ọpọ́n aró tí aró inú rẹ̀ kéré, ó ń rọra lọ rọra bọ̀ ni. Tó bá pọ̀, kíá ló ń já sí mi láṣọ. Ṣé òun náà nìyẹn?

Olùkọ́-fẹ̀yìntì: Òun gan-an ni, ìyá! Ẹ wá ọpọ́n tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ bu omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí i, ẹ gbé etí rẹ̀ kan sókè díẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Láti etí kan dé èkejì, ó fẹ́ẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 2. Ẹ sọ omi di sẹ̀ǹtímítà 4, á fẹ́ẹ̀ tó ẹyọ kan. Ìjìn di ìlọ́po mẹ́rin, eré di ìlọ́po méjì. Ẹ ka ìrìn márùn-ún kí ẹ tó pín in, torí ojú lè tan yín. Nínú sẹ̀ǹtímítà 1 yẹn, híha tí ọmọ mi sọ á jẹ díẹ̀ lára eré náà, àmọ́ pípa ìgbì ló ń pa jù.

Olùkọ́ girama: “Ìgbì omi àìjìn” ni mo máa kọ nígbà náà.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì: Ẹ má kọ ọ́! Sùnámì December 2004 ńkọ́? Tí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ bá gùn ní kìlómítà 200, òkun tó jìn ní mítà 4,000 jẹ́ ìdá kan nínú 50 gígùn rẹ̀ péré. Ó ń rú omi dé ilẹ̀, ó sì ń sáré bíi kìlómítà 700 ní wákàtí kan. Ta ló máa pe òkun yẹn ní omi àìjìn? “Ìgbì akanlẹ̀” ni tèmi, èkejì a jẹ́ “àìkanlẹ̀”.

Ọ̀gá atúmọ̀-èdè: Mo tako ó. Kànga tó bá kanlẹ̀, èyí tó jìn ni. Òdìkejì ni òǹkàwé máa gbọ́.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì: Ẹni tó wọ odò tó ní “ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀” ńkọ́? Odò kan náà lè kan ẹni gíga lẹ́sẹ̀, kó bo ẹni kúkúrú mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ìgbì.

Ọ̀gá atúmọ̀-èdè: Ó dáa. Èyí tó wà láàárín ńkọ́, tí ìjìn omi ju ìdá kan nínú 20 gígùn rẹ̀ lọ, tí kò sì tó ìdajì?

Olùkọ́-fẹ̀yìntì: Ìyẹn ń lo ìjìn, ó ń lo gígùn. Mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún un.

Ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ: “Afọmọ-ìka-kanlẹ̀”!

Ìyá aládìrẹ: Mo ti dán ti ọpọ́n wò o. Òótọ́ ni, àmọ́ ilẹ̀ yàrá mi ti di aró.